Ẹ sọ ìrírí yín: èsì ímeèlì lédè Faransé pé ẹni tí a kọ̀wé sí kò sí ní ọ́fíìsì

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Olóróró Àgbọn, Àjàrá

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bá àwọn ará Kútọnu àti Àjàṣẹ́ dòwò pọ̀, ímeèlì la sì fi ń bá àwọn ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí á jọ sọ ìrírí wa lórí èsì tí kọ̀ǹpútà máa ń dá fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹni tí a kọ̀wé sí bá ti lọ ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a ó fi máa fún òróró lára àgbọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Kútọnu ti fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sí wa, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé iye náà kò ní yí padà títí di ọjọ́ 15 oṣù náà. Báǹkì sọ pé àwọn kò lè fi ìwé náà ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Mo kọ̀wé sí obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wa ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 6, kí ó bá wa tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ojú ẹsẹ̀ ni èsì yìí dé:

```
Objet : Réponse automatique : Facture proforma

Bonjour,
Je suis absente du 4 au 22 août inclus.
Votre message ne sera pas transféré.
En cas d'urgence, merci d'écrire à compta@...
ou d'appeler le 97 XX XX XX.
Je serai de retour le lundi 25 août.
Cordialement
```

Obìnrin náà ń sọ pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 4 títí dé ọjọ́ 22, àti pé ọjọ́ 22 náà wà nínú ìsinmi òun. Ó ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25, ni òun yóò padà, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kí á kọ̀wé sí ẹ̀ka ìṣirò owó tàbí kí á pè wọ́n. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù lọ fún èmi ni ìlà kejì lẹ́yìn ìkíni, níbi tí ó ti sọ pé kò sí ẹni tí wọn yóò darí ìwé mi sí. Bí mo bá jókòó tí mo ń retí pé ẹlòmíràn yóò kà á, inú àpótí ẹni tó lọ ìsinmi ni ìwé náà yóò wà títí tí ọjọ́ 15 yóò fi kọjá.

Ọjọ́ 15 gan-an tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ó bọ́ sí lọ́dún náà, ọjọ́ náà sì jẹ́ ìsinmi ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ nítorí ọdún Ìgbàsókè Màríà. Ìtumọ̀ èyí ni pé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, ni ọjọ́ iṣẹ́ ìkẹyìn tí ìwé iye owó wa ní. Nítorí náà, mo kọ ìwé tuntun sí àdírẹ́sì kejì náà, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo so ìwé iye owó mọ́ ọn, mo sì fi èsì obìnrin náà sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló darí mi sí wọn. Ọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà ní Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì sún gbèdéke rẹ̀ síwájú di ìparí oṣù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Àgbálátà

Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Aṣọ ni mo ń rà ní Kútọnu, èsì bẹ́ẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ọ̀nà tí èmi ń gbà mọ̀ pé ẹni náà ti padà ni pé mo máa ń fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí èsì náà bá tún dé, ó ṣì wà nínú ìsinmi. Bí kò bá dé mọ́, mo mọ̀ pé ó ti wọlé, mo sì lè pè é lórí fóònù. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ti ràn mí lọ́wọ́. Ní ti àdírẹ́sì kejì, èmi kì í lò ó, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ mí rí kò ní mọ irú aṣọ tí mo fẹ́.

Bàbá Sẹ̀mẹ̀

Ìyá wa, ẹ má bínú, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ akọ̀wé ọjà tó ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, irú èsì yìí sì pọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà náà, pàápàá ní oṣù Kẹjọ.

Òótọ́ ni pé bí èsì náà bá tún dé, ẹni náà kò tíì pa á, ṣùgbọ́n bí kò bá dé mọ́, kò fi hàn pé ó ti padà. Ní Outlook, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó máa ń dá ẹnì kan lóhùn ní gbogbo àkókò tí èsì náà fi wà ní títàn. Bí ẹ bá kọ ìwé mẹ́wàá, ti àkọ́kọ́ nìkan ni èsì yóò dé fún. Gmail ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí ó tó tún fi èsì kan náà ránṣẹ́ sí ẹni kan náà. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jọ wà nílé iṣẹ́ kan náà nìkan ni ó ṣètò èsì fún, tí ará ìta kò ní rí ohunkóhun. Ọjọ́ tó wà nínú èsì àkọ́kọ́ ni kí ẹ dì mú, Ìyá wa.

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ gba àkíyèsí. Akọ̀wé rí `inclus` nínú tirẹ̀, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ ṣe kedere. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ `jusqu'au 22 août` láìfi ọ̀rọ̀ náà sí i, tí wọn kò sì sọ ọjọ́ ìpadàbọ̀, ènìyàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà bóyá ọjọ́ 22 ni wọn yóò wọlé tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Èmi máa ń kà á bíi pé ọjọ́ 22 kò sí nínú ọjọ́ iṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ, bíi 05/09, ọjọ́ ni wọ́n ń fi ṣáájú oṣù: ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń kọ ọ́.

Ohun mìíràn wà tí mo rí nínú èsì tí Akọ̀wé fi hàn wá. Nọ́ńbà fóònù náà ní díjíìtì mẹ́jọ. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ ti sọ nọ́ńbà wọn di díjíìtì mẹ́wàá, tí wọ́n fi 01 ṣáájú nọ́ńbà àtijọ́. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà ti kọ èsì rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, tí ó kàn ń yí ọjọ́ rẹ̀ padà lọ́dọọdún. Bí Akọ̀wé bá pe nọ́ńbà náà bó ṣe wà, kò ní wọlé. Bí a ó ṣe tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa níbí nìyí:

```
+229 01 97 XX XX XX
```

Sàmú Ìbèrèkó

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Èmi náà ti ní irú ìṣòro yìí. Mo ń pe oníbàárà mi kan ní Àjàṣẹ́, ohùn obìnrin kan sì ń dá mi lóhùn lédè Faransé nígbàkígbà. Mo rò pé òun náà ti lọ ìsinmi ni, tí fóònù rẹ̀ sì ń sọ ọjọ́ tí yóò padà. Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ tí ohùn náà ń dá?

Bàbá Sẹ̀mẹ̀

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé ni Akọ̀wé rí gbà, ìwọ ohùn lo gbọ́, mo sì gbà pé ohùn ilé iṣẹ́ fóònù ni, pé nọ́ńbà tí o pè kò sí. Ìgbà wo ni o ti gba nọ́ńbà náà?

Sàmú Ìbèrèkó

Ó ti pẹ́, Bàbá. Díjíìtì mẹ́jọ náà ni lẹ́yìn +229. N óò fi 01 sí i.

Olùkọ́ Tọ̀pọ̀

Ilé ẹ̀kọ́ wa ń bá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yàtọ̀ sí ti Akọ̀wé. Ní nǹkan bí ìdajì oṣù Kẹsàn-án ni mo kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń bójú tó o, èsì sì dé pé yóò padà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ náà ti kọjá. Ó ti wọlé láti ìgbà náà ṣùgbọ́n kò pa èsì rẹ̀, nítorí pé kò yan ọjọ́ tí yóò dúró nígbà tó ń ṣètò rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹni kejì tí ó dárúkọ, ẹni náà sì bínú díẹ̀ pé kí ló dé tí mo ń wá òun nígbà tí ọ̀gá wà nílé. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ọjọ́ inú èsì wé ọjọ́ òní kí n tó ṣe ohunkóhun. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹni àkọ́kọ́ náà ni mo ń pè.

Mo sì ní ìbéèrè fún Akọ̀wé: nígbà tí ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìṣirò owó, ṣé ẹ fi obìnrin tó lọ ìsinmi náà sí Cc?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Olóróró Àgbọn, Àjàrá

Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi í sí i, kí ó lè rí i nígbà tó bá padà pé a ti parí ọ̀rọ̀ náà, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lórí ìwé mi àkọ́kọ́.

Bàbá Sẹ̀mẹ̀

Níbi tí a ti yàtọ̀ síra nìyẹn. Èmi kì í fi ẹni tó wà nínú ìsinmi sí i. Ẹni kejì lè rò pé a kò fọkàn tán òun, tàbí kí ó ní kí á jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ dé. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, mo máa ń kọ ìlà kan sí ẹni àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó padà.

Ìyá Àgbálátà

Bàbá, mo ti gbọ́ ti èsì tí kì í dé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yé mi báyìí ìdí tí mo fi máa ń pe ẹni tí kò tíì dé. Ṣùgbọ́n lórí Cc yìí, ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ni mo wà. Ẹni tí mo bá dòwò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo wá a. Bí èsì kò bá wá dárúkọ ẹni kejì rárá ńkọ́, tí ó kàn sọ ọjọ́ nìkan?

Olùkọ́ Tọ̀pọ̀

Ìyá wa, mo rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá àdírẹ́sì gbogbogbòò ilé iṣẹ́ náà, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `contact@` tàbí `secretariat@`, ní ìsàlẹ̀ ìwé tí wọ́n ti kọ sí mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni náà nìkan ló lè buwọ́ lu ohun tí mo fẹ́, nítorí náà, mo dúró dè é.