Ṣé "ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀" ni ká máa kọ?

Ará Kétu: Mò ń kọ ìwé àlàyé fún àwọn aláìsàn. Tí ojú tí wọ́n kọ "ẹ̀jẹ̀" sí lára bébà àyẹ̀wò ìtọ̀ bá di àwọ̀ ewé, ṣé kí n kọ "ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀"?

Ará Àjàṣẹ́, òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú yẹn kì í dá sẹ́ẹ̀lì mọ̀. Èròjà onírin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n ló ń dá lóhùn, ẹran ara wa náà sì ní irú rẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan wá tó ti ń ru sìmẹ́ǹtì nínú oòrùn. Gbogbo ara ń ro ó, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú ẹ̀jẹ̀ ti di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. A fi ẹ̀rọ yí ìtọ̀ náà: bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ló sọ ọ́ di dúdú, wọn ì bá rọ̀ sísàlẹ̀ kí omi òkè mọ́. Omi òkè kò mọ́. Mo gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sábẹ́ maikirosikópù, ẹyọ sẹ́ẹ̀lì pupa kan níbí, òfo lọ́hùn-ún. A wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, omi ara ẹ̀jẹ̀ mọ́ gaara. Ká ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló ń tú nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, omi yẹn ì bá pọ́n. Ẹran ara rẹ̀ ló ń tú sínú ìtọ̀, èyí sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí mo bá kọ "ẹ̀jẹ̀" lásán, inú àpò ìtọ̀ ni wọn ì bá ti máa wá ọgbẹ́.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́: Ó rọrùn. Bí àwọ̀ ewé bá ṣe tó-tò-tó, sẹ́ẹ̀lì ni. Bó bá kún ojú, kò sí sẹ́ẹ̀lì.

Ará Àjàṣẹ́: Ti tó-tò-tó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀, ojú náà á kún. Bí ìtọ̀ bá sì ṣàn jù tàbí ó ti pẹ́ nílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á ti bẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa.

Màmá kan ní Kétu: Wọ́n rí àwọ̀ ewé yìí nínú tèmi nígbà tí mò ń ṣe nǹkan oṣù. Ṣé ẹran ara mi ló tú ni?

Ará Àjàṣẹ́: Rárá o, màmá. Ẹ̀jẹ̀ gidi ni, ojú ara ló ti wọ inú ìtọ̀. Bó bá ti dá, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ní ti ọ̀rọ̀, mo dábàá "àmì pupa-ara" fún ti bébà, ká fi "sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀" sílẹ̀ fún ohun tí a fojú rí lábẹ́ maikirosikópù.

Ará Kétu: Aláìsàn ń wo àwọ̀ ewé, ẹ ń pè é ní pupa! Kò ní yé e.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́: "Ìfura ẹ̀jẹ̀" ńkọ́? Yóò mọ̀ pé àyẹ̀wò kù.

Ará Àjàṣẹ́: Ìyẹn dáa ju tèmi lọ fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n fún dókítà, ti ẹran ara ti sọnù nínú rẹ̀, mi ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ kan tó gba méjèèjì.