Orí ń fọ́ àbúrò mi, ojú rẹ̀ wú, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 150/100: ṣé kí a dúró de ọjọ́ kílíníìkì?

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lórí àbúrò mi obìnrin tó wà nínú oyún àkọ́kọ́. Oyún náà ti wọ ọ̀sẹ̀ 33, àdúgbò Arówómọlé ni òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń wú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí yóò sì fà bí ó bá sùn di òwúrọ̀, nítorí náà a kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti wú lójijì, débi pé òrùka ìgbéyàwó kò ṣeé bọ́ ní ìka rẹ̀ mọ́, bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ sí i. Láti àárọ̀ àná ni orí ti ń fọ́ ọ. Ó ti lo parasitamọ́ọ̀lù méjì méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síbẹ̀ kò rọlẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí ó sọ pé bí òun bá wo ògiri funfun, òun a máa rí ohun tó ń tàn yinrinyinrin níwájú òun.

Ọmọkùnrin tó wà ní kẹ́mísì ìtòsí wọn wọn ìfúnpá rẹ̀, ó sì bá 150/100. Nígbà tí ó lọ sí kílíníìkì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, 110/70 ni wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní nọ́ńbà ti kẹ́mísì kò ṣeé gbára lé, nítorí pé orí apá aṣọ áńkárá ni wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní omi oyún ló ń wú u, pé ọkùnrin ló fẹ́ bí. Ọjọ́ Ajé ni òní, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ kílíníìkì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí a dúró ni, àbí kí a gbé e lọ?

Ìyá Ìbejì, Tàkíé

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì mi, ẹsẹ̀ mi wú débi pé sálúbàtà ọkọ mi ni mo ń wọ̀ jáde, mo sì bímọ láìsí wàhálà kankan. Wíwú kì í ṣe àìsàn fún aboyún. Kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì máa gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí bí ó bá jókòó. Orí fífọ́ yẹn lè jẹ́ ti oorun tí kò tó tàbí ti oòrùn ọ̀sán.

Bàbá Sábó

Èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń sọ. Kò sí ohun tó le nínú 150/100. Tèmi ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ rí, mo sì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ ra lisinópíríìlì fún un, kí ẹ sì fi oògùn tí ń fa omi kúrò lára tì í lẹ́yìn, èyí tí yóò jẹ́ kí ó máa tọ̀ dáadáa. Láàárín ọjọ́ méjì, ojú náà yóò fà.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Ẹ gbé e lọ nísinsìnyí, kí ẹ sì mú káàdì kílíníìkì rẹ̀ dání. Ẹ má gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí kò ní dókítà lálẹ́. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Bowen àti ti LAUTECH wà nílùú yín, ẹ lọ sí èyí tó bá yá yín jù.

Òótọ́ ni pé aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ sísọ lè yí nọ́ńbà padà. Bí ọ̀já ẹ̀rọ náà bá sì kéré fún apá tó sanra, nọ́ńbà náà yóò ga ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ áńkárá kì í fọ́ ènìyàn lórí, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rí yinrinyinrin lára ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, bí nọ́ńbà òkè bá pé 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ pé 90, tí a sì tún bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, a gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń ru. Fún ẹni tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni a ti ń dúró ka wákàtí mẹ́rin yẹn.

Ìyá Ìbejì kò ṣìnà pátápátá: ẹsẹ̀ tó ń wú ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fà ní òwúrọ̀, wọ́pọ̀ lára aboyún, kò sì tó nǹkan tí a ń torí rẹ̀ sáré. Wíwú ojú àti ọwọ́ lójijì ni ó yàtọ̀, pàápàá nígbà tí ìfúnpá bá gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún yìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia, tí ó sì lè yọrí sí gìrì, mú tí wọn kò wú rárá, nítorí náà ẹ má fi wíwú nìkan ṣe òṣùwọ̀n.

Bàbá Sábó, ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín kì í ṣe irú èyí. Ara ibi ọmọ ni ti aboyún ti ń bẹ̀rẹ̀: ibi náà kò fìdí múlẹ̀ dáadáa nínú ilé ọmọ, ó sì ń tú ohun tó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ yóò fún mọ́ra, ni ìfúnpá yóò bá gòkè. Yóò sì máa jò, ni omi yóò bá sun lọ sí ojú àti ọwọ́, tí kíndìnrín yóò sì máa da èròjà amúaradàgbà sínú ìtọ̀. Ẹ wá wò ó: omi tó yẹ kó wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ti jò jáde sínú ẹran ara. Bí ẹ bá fún un ní oògùn tí ń fa omi, èyí tó ṣẹ́kù nínú òpó ni yóò fà, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ yóò sì tún dín kù. Lisinópíríìlì ní tirẹ̀ lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́, a kì í fún aboyún rárá.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ìyá. Ọkọ rẹ̀ ti lọ pe mọ́tò. Bí gìrì bá mú un lójú ọ̀nà ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wá ṣíbí tí yóò mú dání.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Kí ìyá fi ṣíbí sílẹ̀. Bí gìrì bá dé, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí itọ́ tàbí èébì lè máa ṣàn jáde. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe ṣíbí, àgbo tàbí omi àlùbọ́sà, nítorí pé ẹni tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Kí mọ́tò má dúró. Ẹ tún bi í léèrè bóyá òkè ikùn ń dùn ún, ní abẹ́ ìhà ọ̀tún; àwọn ènìyàn sábà máa ń pè é ní ọgbẹ́ inú, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni ó ń wú níbẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún dókítà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin

Èmi kò ní orí fífọ́ kankan nígbà tí oyún wà nínú mi. Mo bímọ, wọ́n dá wa sílẹ̀, a sì ti ń múra ìkómọ. Ọjọ́ karùn-ún ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, wọ́n ní àìsùn nítorí ọmọ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni gìrì mú mi. Ohun tí n kò rí ẹni dá mi lóhùn lé lórí títí di òní ni bí yóò ṣe jẹ́ pé a ti bí ibi ọmọ, tí àìsàn ibi ọmọ yóò tún wá mú mi.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ kú ewu, ọmọ mi. Bíbí ibi ọmọ ni ó ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ kì í bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan. Ìfúnpá a tilẹ̀ máa ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí ìyá bá ti délé. Ìdí tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìbímọ ni ó kọ́kọ́ yọjú lára yín ni n kò lè sọ dájú.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ògbómọ̀ṣọ́

A dúpẹ́, a ti débẹ̀. Wọ́n ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, wọ́n ká aṣọ kúrò ní apá rẹ̀, wọ́n sì bá 160/110. Wọ́n ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, ó yí àwọ̀ padà, nọ́ọ̀sì sì kọ àmì ròpọ̀ méjì sílẹ̀, ó ní èròjà amúaradàgbà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ màginísíọ́ọ̀mù, ọ̀kan gba inú iṣan, méjì sì wọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Ó ní ara òun gbóná fòò bí wọ́n ti ń fún un. Wọ́n fún un ní nífẹ́dípíìnì tí ń mú ìfúnpá wálẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ohun tó ń ya ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ni pé wọ́n fi rọ́bà sí i lára láti máa gba ìtọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì a sì máa fi òòlù rọ́bà kékeré kan gbá a ní orúnkún léraléra.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Ìtọ́jú tó péye ni wọ́n ń fún un. Kì í ṣe ìfúnpá ni màginísíọ́ọ̀mù wà fún, gìrì ni. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2002, tí àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù nínú ara, ó lè dá èémí dúró. Kí ó tó dé ibẹ̀, orúnkún kì í ta mọ́ bí a bá gbá a. Ìtọ̀ ni ó sì ń gbé oògùn náà jáde, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀. Ọkọ rẹ̀ lè máa bá wọn ka iye ìgbà tí ó ń mí. Bí ó bá kéré sí 16 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó pe nọ́ọ̀sì.

Ìyá Ìbejì, Tàkíé

Ọlọ́run ṣeun. Ṣé wọn kò níí dá a sílẹ̀ báyìí, kí oyún lè pé oṣù mẹ́sàn-án? Wọ́n sì ń sọ nípa asipirínì kékeré tí a fi ń dènà àìsàn yìí, ṣé kí ó máa lò ó?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Pẹ̀lú irú nọ́ńbà yẹn, wọn kò níí jẹ́ kí ó padà sílé. Bí ara ìyá àti ti ọmọ bá dúró dáadáa, wọ́n lè gbìyànjú kí ó dé ọ̀sẹ̀ 34. Bí orí kò bá yéé fọ́, tàbí tí ìfúnpá kò gbọ́ oògùn, wọ́n lè gbé ọmọ jáde lónìí tàbí lọ́la. A kò lè ti ibi yìí sọ èwo ni yóò jẹ́. Asipirínì ti bọ́ fún oyún yìí, nítorí pé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 16 ni a ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tún lóyún, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá lọ gba káàdì.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ń sùn nísinsìnyí. Wọ́n ní àwọn yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó pinnu. Wọ́n ti fi ọṣẹ gé òrùka náà, rárá, ayùn kékeré ni mo fẹ́ kọ. Ìka náà ti ń pọ́n dúdú.