Fúláàtì mẹ́fà ní Sùúrùlérè, èmi ní Lọ́ńdọ̀nù: báwo lẹ ṣe ń ṣọ́ ọjọ́ tí owó ilé ń parí?

Ọmọ Sùúrùlérè, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fúláàtì mẹ́fà ni bàbá wa fi sílẹ̀, èmi ni mo ń bójú tó o. Inú ìwé kékeré kan àti Wasáàpù ni gbogbo rẹ̀ wà. Owó fúláàtì kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹta 2024. Ọdún pé, n kò rántí, àfi ìgbà tí àbúrò mi pè mí ní oṣù Kẹfà. Ayálégbé náà ti gbé oṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Màmá Ìbejì, Hiúsítọ̀n: Pẹ̀lẹ́ o. Èmi náà gbàgbé láti kọ̀wé ní ọgọ́ta ọjọ́ kí n tó kó jáde, wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi. Fi àláàmù sí fóònù.

Ọmọ Sùúrùlérè: Ẹ ṣé mà. Èmi ni onílé lọ́tẹ̀ yìí.

Àbúrò, Tòróńtò: Ṣí Google Sheets, ìlà kan fún fúláàtì kan. Bí wọ́n bá ti san tuntun, pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́.

Bàbá Tólú, Mànsẹ́sítà: Má pa á rẹ́ o! Mo ṣe ẹ̀jẹ́ǹtì ní Yábàá fún ọdún mẹ́jọ. Bọ́rọ̀ bá dé kóòtù, ohun tó san lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni lọ́yà máa bèèrè. Ojú ewé mẹ́ta ni kó o ṣí: fúláàtì, àdéhùn, ènìyàn. Fún fúláàtì ní orúkọ tí kì í yí padà, bíi SUR-03, kó o máa kọ ọ́ síwájú gbogbo àdéhùn rẹ̀. Owó tuntun, ìlà tuntun. Lójú ewé ènìyàn, kọ nọ́ńbà ayálégbé àti ti ẹni kan tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tó parí kọ́ ni kó o máa ṣọ́. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ láti kó jáde fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, bí àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan mìíràn. Lójú ewé àdéhùn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà ní D, tó parí ní E, tó yẹ kó o ti dìde ní F:

```
E2: =EDATE(D2,12)-1
F2: =EDATE(E2,-6)
```

Fúláàtì kẹta rẹ parí ní 28 oṣù Kejì 2025. Ó yẹ kó o ti pè é láti 28 oṣù Kẹjọ 2024.

Àbúrò, Tòróńtò: Bàbá, `#VALUE!` ló ń gbé jáde fún mi.

Bàbá Tólú: Wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Bó bá fara ti apá òsì, ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ̀rọ kà á sí. Èyí tó tún burú ni 01/03 tí ẹ̀rọ tó ń ka ọjọ́ bíi ti Amẹ́ríkà sọ di 3 oṣù Kìíní, láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ sí `File > Settings > Locale`, mú `United Kingdom`, kó o tún àwọn ọjọ́ náà kọ.

Màmá Ìbejì: Lọ́yà ẹ̀gbọ́n mi ní bí àdéhùn bá ti dá ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ náà sì kọjá, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje ti tó.

Bàbá Tólú: Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Oṣù mẹ́fà ni èmi máa ń lò.

Ọmọ Sùúrùlérè: Mo ti kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀. Ọjọ́ F ti méjì ti kọjá. Alẹ́ yìí ni mo máa pè wọ́n.