Èsì dé lórí "Àwọn apẹja ni ó"

Mo bi olóòtú mi pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 'Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ni ó gbé ẹja náà wá' tọ̀nà? Wọ́n ní 'wọ́n' ló yẹ kí n kọ."

Olóòtú mi ti fèsì:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má yí i padà. Bí a bá ti gbé olùwà síwájú 'ni', 'ó' ló máa ń di àyè rẹ̀ mú, kì í ka iye èèyàn. 'Èmi ló jẹ ẹ́' ńkọ́? Ta ló máa rò pé ẹlòmíràn ló jẹun? Níbi tí kò bá ti sí 'ni', ẹ kọ 'wọ́n gbé e wá'."

Inú mi dùn gan-an. Ẹni tó ní "wọ́n" kò ṣìnà tán o, ọ̀pọ̀ wa ń sọ "àwọn ni wọ́n" lẹ́nu. Olóòtú kò fọwọ́ kan ìyẹn. "Ó" ni mo fi sílẹ̀.