Yàrá tó ṣófo, ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀

Màmá Lágéré: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Yàrá kan ṣófo nílé mi, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU fẹ́ kó ẹrù síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Èló ni kí n gbà?

Ẹ̀gbọ́n Páràkìn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ má gba owó ìsinmi lápapọ̀, oṣooṣù ni kí ẹ máa gbà á. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, oṣù Kẹwàá ló tó parí. Ẹni tó gbowó ìsinmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fi yàrá ṣe sàárà ni. Kí wọ́n san oṣù 2 sílẹ̀, kí wọ́n san ìyókù kí wọ́n tó kẹ́rù.

Ẹ fi ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀ láàárín yàrá. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ọ̀tún, 4 ní òsì. Tí ẹ bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹni 4 máa wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, 8 lápapọ̀; ilẹ̀kùn lè sọ ọ́ di 7. Ká ní ₦2,000 lóṣù ni, ₦14,000 nìyẹn fún ẹni 7. Ẹ má tìtorí owó dí ọ̀nà yẹn, torí ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ dé.

Ìyá Ẹlẹ́ran: Ẹ ju káńfọ̀ síbẹ̀, eku ò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Páràkìn: Káńfọ̀ wúlò fún aáyán díẹ̀, mà, ṣùgbọ́n gààrí àti ẹ̀pà ni eku ń bá wá. Ẹ ṣí gbogbo ìkòkò àti báàgì lójú ọmọ náà, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí ìwé méjì, kí kálukú mú ọ̀kan. Ẹ gba nọ́ńbà òbí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má gba sílíńdà gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Sábó: Ṣọ́ọ̀bù tèmi ńkọ́? Télọ̀ kan fẹ́ gba ìdajì rẹ̀, mítà kan ṣoṣo la sì ní.

Ẹ̀gbọ́n Páràkìn: Àbúrò, kí iná tiẹ̀ gba inú mítà kékeré kan kọjá kẹ́ ẹ lè mọ iye tó ń jó. Áyọ́ọ̀nù ló máa dá ìjà sílẹ̀.

Màmá, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ yàrá yẹn mọ́jú, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí omi bá sẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ náà ní ọ̀rinrin, fóòmù á bu. Ẹ to búlọ́ọ̀kù, kí ẹ tẹ́ pákó lé e. Kí ẹrù má kan ògiri, kí ẹ lè tètè rí ikán.

Màmá Lágéré: Ẹ ṣeun. Ẹni tí ò bá wá kẹ́rù rẹ̀ mọ́ ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ran: Ẹ tà á.

Ẹ̀gbọ́n Páràkìn: Rárá o, mà. Ẹrù ẹlẹ́rù ṣì ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìtọ́jú máa parí sínú ìwé, kí ẹ pe òbí. Ọ̀rọ̀ títà rẹ̀, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó gba ẹrù àkọ́kọ́.