Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, báwo ni kí n ṣe dá kọ́sítómà yìí lóhùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ta àdìrẹ, kọ́sítómà kan wá bi mí lábẹ́ ọjà pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó máa tó mi? Mo sanra díẹ̀ o." Tí mo bá kàn ní "ó máa tó yín", ẹlòmíì tó bá kà á ò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀, kò ṣáà mọ bí ẹni yẹn ṣe sanra tó, tó bá wá rà á tí ò tó, á ní kí n gbà á padà. Ohun tí mo fẹ́ fi síbẹ̀ rèé: "Ẹ ṣé mà. Yáàdì 5 ni, ìbú ẹ̀ jẹ́ íńṣì 45, gèlè ò sí nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìró àti bùbá lẹ fẹ́ rán, ẹ sọ ìwọ̀n yìí fún télọ̀ yín kẹ́ ẹ tó sanwó." Ṣé ó yé èèyàn bẹ́ẹ̀, àbí ó ti gùn jù? Ṣé kí n tún kọ ìwọ̀n yẹn sókè níbi àlàyé ọjà, àbí ìyẹn á jẹ́ kó dà bíi pé kọ́sítómà mi ò ka nǹkan dáadáa kó tó béèrè? Mi ò fẹ́ kójú tì í rárá.