Àwòrán káàdì ìgbéyàwó láti ara fótò ìfẹ́sọ́nà: kí ni kí n kọ fún ẹ̀rọ?

Ọmọ Kábà, Mańṣẹ́sítà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó ní Kábà lóṣù Kejìlá, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò káàdì ìpè. A ó fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, a ó tún tẹ díẹ̀ fún àwọn àgbà. Nínú fótò ìfẹ́sọ́nà wọn, ọkọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti jíǹsì, ìyàwó wọ gáùn àǹkárá. Àwọn fẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ òfì nínú àwòrán, àwọ̀ wáìnì àti góòlù. Mo fún ẹ̀rọ ayàwòrán ní fótò náà, mo ní kó ya tọkọtaya Yorùbá tó rẹwà nínú aṣọ ìbílẹ̀. Àwọn tó yà rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyẹn. Ara wọn pọ́n, èjí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ti dí, gèlè sì dà bíi láwàní.

Mọ́mì Ìsánlú, Húsítọ̀n
Ẹ kú ìnáwó o. Aṣọ òfì wáìnì kì í pẹ́ tán lọ́wọ́ àwọn aláṣọ. Nígbà tí ọmọ mi ṣègbéyàwó, a ti sanwó kó tó ku oṣù mẹ́rin. Gèlè ńkọ́, tí wọn ò bá rí ẹni wé e dáadáa nílé, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wé wá láti Ìlọrin.

Ọmọ Kábà, Mańṣẹ́sítà
Ẹ ṣé, mà. Aṣọ gan-an ti wà nílẹ̀. Ti inú àwòrán ni mò ń wá.

Ọmọ Ìyàrá, Tòróńtò
Àbúrò, ọ̀rọ̀ "tó rẹwà" yẹn ló fà á. Tí o bá ti bẹ ẹ̀rọ lẹ́wà, ojú tó bá pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ló máa gbé wá, á fọ awọ wọn, á tó eyín wọn. Yọ ọ́ kúrò. Pín ọ̀rọ̀ rẹ sí ohun tí kò gbọdọ̀ yí àti ohun tó gbọ́dọ̀ yí. Má kàn sọ pé "gèlè", ṣàpèjúwe bó ṣe rí.

Fótò ni kí o kọ́kọ́ wò. Gé e kí ojú wọn lè gba ààyè dáadáa. Tí ojú bá kéré nínú fótò, ẹ̀rọ kì í rí ohun tó máa dì mú, á wá hun ojú tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi fílítà dán ojú wọn, má lò ó rárá. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Yí i sí Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ rẹ kò bá gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àwọn tó ní # níwájú jẹ́ kóòdù àwọ̀, #800020 ni wáìnì, #D4AF37 ni góòlù:

```
Ya fótò yìí bí àwòrán ọ̀dà olómi. Ènìyàn méjì péré.
MÁ YÍ: ìrísí ojú wọn, imú, ètè, àlàfo àárín eyín
iwájú obìnrin, irùngbọ̀n ọkùnrin, bí wọ́n ṣe dúró.
Awọ ara dúdú gẹ́lẹ́ bí inú fótò.
YÍ: aṣọ nìkan. Obìnrin: bùbá, ìró àti ìborùn aṣọ òfì
#800020; gèlè #D4AF37, ó ga, ó ní ìṣẹ́po bí abẹ̀bẹ̀,
etí rẹ̀ hàn. Ọkùnrin: agbádá #800020, iṣẹ́ ọnà góòlù
ní àyà, fìlà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ẹ̀yìn: #FFF8E7, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.
Ìdá kan nínú mẹ́ta lókè ṣófo. Má kọ lẹ́tà kankan.
```

Tí kò bá dáa, má ṣe tún èyí tó yà ṣe léraléra. Fótò ìpilẹ̀ ni kí o padà sí, kí o tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo ìgbà tí o bá ń tún àtúnṣe ṣe ni ojú ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìyá ìyàwó fi ní òun ò mọ ẹni yìí.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀, Dúbáì
Kí ló dé tí ẹ ní kó má kọ lẹ́tà? Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti mọ̀wé kọ. Mo ní kí tèmi kọ orúkọ, ọjọ́ àti gbọ̀ngàn, ó kọ gbogbo rẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sinmi.

Ọmọ Ìyàrá, Tòróńtò
Bọ̀dá, Gẹ̀ẹ́sì ni tiyín, àbí? Níbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ní kó kọ "Ìdílé ìyàwó ń pè yín síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn", kí ẹ wá wo ibi tí àmì ìsàlẹ̀ ọ máa bọ́ sí. Nígbà míì ó máa ń lẹ àmì mọ́ lẹ́tà tí kò ní in. Tí ọjọ́ bá sì yí, ẹ ó tún àwòrán yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú á tún yí. Ẹ gbé àwòrán lọ sínú Canva, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀ fúnra yín. Ẹ lo fọ́ǹtì bíi Noto Serif. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó kò ní ọ̀ àti ẹ̀, wọ́n á yá a láti inú fọ́ǹtì míì, lẹ́tà kan á sanra láàárín àwọn tó tínrín.

Ọmọ Kábà, Mańṣẹ́sítà
Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Èjí padà wá! Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ṣùgbọ́n mo fi kún un pé kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ràn lé wọn, wáìnì wá di pupa tó ń tàn, aṣọ sì ní ìlà-ìlà. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi nílé, wọ́n ní ṣé ìgbéyàwó ni àbí òkú ni.

Ìyá Bùnú, Lọ́ńdọ̀nù
Wọn ò sọ̀rọ̀ sọnù, ọmọ mi. Aṣọ ìpò ni wọ́n rí. Pupa ni, àwọn obìnrin ilé wa ló ń hun ún lórí òfì tó dúró ṣánṣán, òkú olóyè ni wọ́n ń fi ṣe lẹ́yẹ. Àgbà tó bá ti rí ìpò rí kò ní fi ojú ọ̀ṣọ́ lásán wo pupa onílà lára ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí wáìnì yẹn dúdú, kí ẹ yọ ìlà kúrò.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀, Dúbáì
Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, òfì pupa ti Ìṣẹ́yìn kì í ṣe ìpò. Wọ́n ń fi gbéyàwó káàkiri, ní Ẹ̀gbẹ̀ náà.

Ìyá Bùnú, Lọ́ńdọ̀nù
Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ta ni yóò fọwọ́ kan aṣọ kó tó mọ èyí tó jẹ́?

Ọmọ Ìyàrá, Tòróńtò
Ti ìpò, mo fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ti pupa, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ṣe é. Ẹ̀rọ kì í tẹ̀ lé kóòdù àwọ̀ bí ọlọ́dà ṣe ń tẹ̀ lé ìwọ̀n, ó kàn ń sún mọ́ ọn ni, ìmọ́lẹ̀ tí o bá sọ á sì tún yí i. Padà sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí o kọ "wáìnì tó dúdú, kì í ṣe pupa, aṣọ aláwọ̀ kan, kò ní ìlà". Tó bá jáde, fi ohun tó ń yan àwọ̀ nínú Canva tẹ ara aṣọ náà, wò ó bóyá ó sún mọ́ #800020.

Ti títẹ̀: káàdì ínṣì 5 sí 7 fẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 1500 sí 2100 kó tó mọ́ dáadáa. Tí tìrẹ bá jáde ní 1024 sí 1536, ó tó fún Wasáàpù, kò tó fún títẹ̀, o ní láti fi ẹ̀rọ mú un tóbi sí i. Ìrísí wọn kò sì bára mu, wàá gé díẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀, nítorí náà má jẹ́ kí gèlè kan etí àwòrán. Tí o bá ń fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, má fi í ránṣẹ́ bíi fótò, Wasáàpù máa ń fún fótò pọ̀. Kí atẹ̀wé tẹ ẹyọ kan wò kó tó tẹ gbogbo rẹ̀, wáìnì orí fóònù máa ń dúdú sí i lórí bébà.

Ọmọ Kábà, Mańṣẹ́sítà
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Wáìnì ti dúdú báyìí, mo ti yọ ìlà, mo ṣì ń dúró de ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa sọ. Ó ku ọwọ́ ọkọ tó wà ní èjìká ìyàwó: ìka mẹ́fà ni.

Ọmọ Ìyàrá, Tòróńtò
Tìyẹn nìkan ni o lè tún ṣe lórí èyí tó yà. Fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọwọ́ yẹn nìkan, kí o ní kó ya ìka márùn-ún níbẹ̀. Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fa etí ìborùn ìyàwó bò ó.